Tábìlì Ìyá, Tábìlì Ìyàwó Bàbá: Bí A Ṣe Ń Pín Ìjókòó Ọjọ́ Ìyàwó

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbéyàwó mi ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ní Ìlọrin níbí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí màmá mi ti kúrò nílé bàbá mi. Ìyàwó bàbá mi ló wà nílé báyìí, òun náà sì tọ́ mi. Mùsùlùmí ni wá, Kristẹni láti Òmù-Àrán ni àwọn ẹbí ọkọ mi. Họ́ọ̀lù náà fẹ̀ tó fíìtì 60, tábìlì rìbìtì 24 ló wà níbẹ̀, wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ló ń gbà. Orúkọ 186 ló wà lọ́wọ́ mi, 70 nínú wọn jẹ́ ọ̀rẹ́ èmi àti ọkọ mi. Mo ti pín in lẹ́ẹ̀mẹrin, kò bọ́ sí i. Bí mo bá tún ibì kan ṣe, ibòmíràn á bàjẹ́. Báwo ni kí n ṣe é?*

Àbúrò mi, kó o tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́ẹ̀karùn-ún, yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ télọ̀ tó ń rán aṣọ rẹ, kó o sì gbé e lọ sí họ́ọ̀lù yẹn. Íǹṣì 60 ni okùn télọ̀, ìyẹn fíìtì márùn-ún géérégé. Nà án gba àárín tábìlì kọjá, láti etí kan dé etí kejì. Bó bá bá a dọ́gba, a jẹ́ pé tábìlì fíìtì márùn-ún ni wọ́n ní, ènìyàn mẹ́jọ nìyẹn sì ń gbà, kì í ṣe mẹ́wàá. Tábìlì fíìtì mẹ́fà ló ń gba mẹ́wàá, òun sì máa fi íǹṣì 12 ju okùn náà lọ.

Onílé họ́ọ̀lù kò parọ́ fún ọ. Àga ló kà, kò ka agbádá. Etí tábìlì fíìtì márùn-ún jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 188 yíká. Bàbá tó wọ agbádá, tó jókòó sórí àga onírọ́bà alápá, á gba tó íǹṣì 23 tàbí 24. Màmá tó wé gèlè kò ní gbà kéré sí i. Bó o bá pín 188 náà, mẹ́jọ lo máa rí. Bó o bá fi agídí fi mẹ́wàá sí i, apá àga á máa gun ara wọn, ẹni méjì á fa àga wọn sẹ́yìn sí ojú ọ̀nà, àwọn tó ń gbé oúnjẹ kò sì ní ríbi kọjá. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ nìyẹn: bí o bá rí i tí wọ́n ń na abọ́ oúnjẹ lórí èjìká ẹnì kan sí ẹlòmíràn, wọ́n ti kún tábìlì yẹn jù.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní fíìtì mẹ́fà ní tòótọ́. Nígbà náà ìṣòro rẹ ti dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n màá dá ọ lóhùn bí ẹni pé fíìtì márùn-ún ni, torí òun ni mo máa ń bá pàdé jù nínú àwọn họ́ọ̀lù wa. Tábìlì 24 ní mẹ́jọ-mẹ́jọ jẹ́ 192. Ìwọ rò pé àyè 54 ló ṣẹ́ kù fún ọ, ó sì jẹ́ mẹ́fà péré. Ìdí tí kò fi bọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹrin nìyẹn. Ẹbí rẹ kọ́ ló kọ́kọ́ le, ìṣirò ló kọ́kọ́ le.

Ibi tí a ti máa rí àyè ni ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín. Ní kí wọ́n kó àga aláìlápá wá, àwọn aláwọ̀ góòlù tín-ín-rín yẹn. Fíífẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí íǹṣì 16 lọ, nítorí náà mẹ́wàá lè yí tábìlì kan ká. Á há díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ kì í jókòó pẹ́ lóde ìyàwó. Bí ìlù bá ti dún, orí ìdúró ni wọ́n máa wà. Àwọn 70 yẹn á bọ́ sí tábìlì méje. Má ṣe irú èyí fún àgbà kankan.

Wàyí o, jẹ́ ká dé ibi tó ń dùn ọ́.

Gbogbo ẹni tó bá bí mi léèrè ọ̀rọ̀ ìyá àti ìyàwó bàbá ló máa ń béèrè ẹni tó yẹ kó jókòó ti bàbá. Ní tiwa ní Ìlọrin, àṣà ti bá ọ dáhùn ìyẹn. Bàbá rẹ kò ní jókòó ti ìyàwó kankan. Àárín àwọn ọkùnrin ló máa wà, òun àti Mágàjí agboolé yín àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tábìlì tiwọn nìyẹn. Màmá rẹ á ní tábìlì tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ìyàwó bàbá rẹ náà á ní tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bàa tàn ọ́ pé kó o kó àwọn méjèèjì sórí tábìlì kan torí kí wọ́n lè bára wọn rẹ́. Ọjọ́ ìyàwó kọ́ là ń parí ìjà ọdún mẹ́wàá.

Àwọn ará Òmù-Àrán kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiwọn. Tọkọtaya ni bàbá àti màmá ọkọ rẹ máa jókòó, ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é bó ṣe mọ́ wọn lára. Apá méjèèjì họ́ọ̀lù kò nílò kí wọ́n jọra. Ohun tí ojú máa ń wò ni bí oníkálukú ṣe jìnnà sí ìjókòó ìyàwó.

Jíjìnnà yìí ló fà á tí mi ò fi ń to tábìlì iwájú ní ìlà gbọọrọ mọ́. Nínú ìlà gbọọrọ, tábìlì àárín ló máa ń sún mọ́ ìyàwó jù, àwọn tó wà létí á jìnnà, ẹni tó bá sì bọ́ sétí á mọ̀ pé wọ́n tì òun sí ẹ̀gbẹ́ ni. To wọ́n bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí ojú gbogbo wọn kọ sí ìyàwó. Bí a ṣe ń ṣe é rọrùn: so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àga tí ìwọ àti ọkọ rẹ máa jókòó sí, wọn fíìtì 25 lára okùn náà, kí ẹnì kan dì í mú kó sì máa rìn yí láti apá kan họ́ọ̀lù dé apá kejì, kó máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀. Orí ìlà yẹn ni àárín tábìlì mẹ́fà máa bọ́ sí, mẹ́ta ní apá tìrẹ, mẹ́ta ní apá ọkọ rẹ. Fi fíìtì mẹ́jọ sílẹ̀ láàárín apá méjèèjì, ibẹ̀ ni ẹ máa jó gbà wọlé. Láàárín tábìlì sí tábìlì, fi okùn télọ̀ kan gbáko sílẹ̀, etí sí etí. Àga tábìlì méjèèjì á gba ju ìdajì rẹ̀ lọ, èyí tó kù ni àwọn tó ń pín oúnjẹ máa gbà. Gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àga kò ní ju nǹkan bí fíìtì 53 lọ ní fífẹ̀, họ́ọ̀lù rẹ sì jẹ́ 60. Inú òṣùpá náà ni ibi ijó. Kò sí ẹni tó lè sọ pé òun wà lẹ́yìn ẹnì kan, torí okùn kan náà la fi wọn gbogbo wọn.

Ní apá tìrẹ, fi tábìlì bàbá rẹ sí àárín mẹ́ta yẹn. Màmá rẹ á wà ní apá kan rẹ̀, ìyàwó bàbá rẹ ní apá kejì. Wọ́n jìnnà sí i bákan náà, wọ́n sì jìnnà sí ìwọ náà bákan náà. Àwọn ọkùnrin méje onífìlà àti agbádá á wà láàárín wọn. Àwọn ìyá méjèèjì kò ní máa wo ojú ara wọn bí wọ́n ti ń jẹun.

Ohun kan ṣì kù tí kò dọ́gba: ọ̀kan nínú wọn ló máa wà lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹ máa jó gbà wọlé. Màmá rẹ ni kó o fi síbẹ̀. Òun ló bí ọ, òun ló sì yẹ kó o kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí. Ṣùgbọ́n san án fún ẹnì kejì. Jẹ́ kí oúnjẹ kọ́kọ́ dé tábìlì ìyàwó bàbá rẹ, kó o sì fi àǹtí bàbá rẹ tó dàgbà jù sórí tábìlì yẹn. Ìyá ọkọ ni obìnrin yẹn jẹ́ fún un. Kò sí obìnrin ilé tí kò mọ̀ pé ọlá ni wọ́n ṣe fún òun bí ìyá ọkọ bá jókòó ti òun lójú gbogbo ayé. Mo ti rí i tí ìjókòó kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ pẹ̀tù sí inú tó ti ń hó láti oṣù mẹ́ta.

Má sì kọ "Ìyá Ìyàwó" sórí tábìlì kankan. Kí ẹni tó máa di makirofóònù mú náà gbọ́ èyí kí ọjọ́ tó pé: orúkọ ni kó fi pe màmá kọ̀ọ̀kan, kó má ṣe pe ẹnì kan ní ìyá kó sì pe ẹnì kejì ní ìyàwó bàbá.

Ó dáa, iye àwọn ènìyàn màmá rẹ ńkọ́? O kò sọ, ṣùgbọ́n jẹ́ ká sọ pé 13 ni wọ́n, torí kì í sábà bọ́ sí mẹ́jọ géérégé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n kún tábìlì àkọ́kọ́ pẹ̀lú mẹ́jọ, kí wọ́n wá kó márùn-ún tó ṣẹ́ kù lọ síbi tí àyè bá wà. Márùn-ún yẹn á mọ̀ pé àjẹkù ni àwọn. Bí ó bá jẹ́ méjì ló ṣẹ́ kù, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni méjì tí wọ́n jókòó sáàárín àwọn àjèjì kì í pẹ́ dìde lọ sílé. Pín wọn sí méje àti mẹ́fà. Méje á wà níwájú, màmá rẹ á wà lára wọn, mẹ́fà á wà lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn wọn gan-an, kí ẹ̀yìn àga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Kí àbúrò màmá rẹ ọkùnrin, tàbí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wúwo láàárín wọn, jẹ́ olórí tábìlì kejì. Bí ẹni ńlá bá wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa pè é ní tábìlì ẹ̀yìn. Òfin tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹbí tí a bá pín sí méjì, apá tó kéré kò gbọ́dọ̀ dín ní mẹ́rin.

Àga kẹjọ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá rẹ kì í ṣe òfo. Láti ìgbà tí ẹ bá jókòó títí tí ẹ fi máa tú ká, àwọn ènìyàn á máa wá kí i, àwọn mìíràn á fẹ́ jókòó díẹ̀ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí i létí. Bí kò bá sí àga, wọ́n á lé àbúrò rẹ̀ dìde. Fi àga kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí gbogbo tábìlì mẹ́fà iwájú.

Àwọn ìyàwó ilé yàtọ̀. Àwọn yẹn kò ṣeé pín, torí aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, wọ́n á sì fẹ́ kí wọ́n rí àwọn pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 19, tábìlì rìbìtì á tú wọn ká sí mẹ́ta, wọ́n á sì máa fa àga káàkiri láti lọ bá ara wọn. Ní kí wọ́n yọ rìbìtì mẹ́ta kúrò, kí wọ́n fi tábìlì gbọọrọ mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní fíìtì mẹ́fà rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n tò wọ́n ní orí sí ìdí. Ó di fíìtì 18: mẹ́sàn-án ní apá kan, mẹ́sàn-án ní apá kejì, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orí méjèèjì. Ogún nìyẹn. Àgbà ìyàwó ilé á jókòó sí orí kan bí ọba, inú rẹ̀ á dùn ju ti ẹni tó wà níwájú lọ. Ara ogiri ni kí tábìlì náà wà, ní apá tìrẹ, kí wọ́n lè dìde jó láìfi ìdí gbá ẹnikẹ́ni.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Tábìlì méje ti àwọn ọ̀rẹ́ gba 70. Tábìlì gbọọrọ gba 20. Rìbìtì 14 tó kù gba 112. Àpapọ̀ jẹ́ 202, orúkọ rẹ sì jẹ́ 186, ó ku 16. Ọ̀kan nínú rẹ̀ wà lórí tábìlì gbọọrọ, mẹ́fà jẹ́ àga àlejò tí a fi sílẹ̀ níwájú. Mẹ́sàn-án ló kù, ìyẹn tábìlì kan àti àga kan. Tábìlì yẹn ni ti àwọn mo-gbọ́-mo-yà. Ẹnu ọ̀nà ni kó wà, kí wọ́n tẹ́ aṣọ sí i, kí wọ́n má kọ orúkọ kankan sí i. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló lè ṣí i fún ènìyàn. Nílùú wa, tábìlì kan kò tó, ìwọ náà mọ̀. Nítorí náà sọ fún wọn kí wọ́n to àga 12 pamọ́ sínú yàrá, kí àga má di ohun tí wọ́n ń wá kiri lójú àlejò.

Ti àwọn alfa àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kò gùn. Àwọn alfa á dìde lọ kírun Alásàrí, nítorí náà ẹ̀bá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ omi àlùwàlá ni ibi tiwọn, ní ìlà kejì. Bó o bá fi wọ́n sí àárín họ́ọ̀lù, gbogbo ilé á ro pé wọ́n ń bínú lọ ni. Bí àwọn alfa bá wà ní ìlà kejì, kí pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ náà wà ní ìlà kejì, ní òdìkejì. Má ṣe fi pásítọ̀ síwájú torí pé ẹni méjì péré ni wọ́n. Bí àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ bá sì máa mu ọtí, igun ẹ̀yìn ní apá tiwọn ni, kí ìgò má wà lójú ọ̀nà tí alfa máa gbà jáde. Níbi tí spíkà bá wà, ọ̀dọ́ ni kó o fi síbẹ̀. Ẹ̀bá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kó o fi ìyá àgbà sí, kò sì burú bí kò bá sí níwájú, tó o bá ti kọ́kọ́ bi í.

Bíbéèrè gan-an ní ọ̀nà tirẹ̀. Má ṣe bi ẹnikẹ́ni pé, "Níbo lẹ fẹ́ jókòó?" Iwájú ni gbogbo wọn máa sọ. Bi wọ́n pé, "Ta ni ẹ fẹ́ kó jókòó tì yín?" Ìdáhùn ìyẹn ló máa fún ọ ní ìmọ̀ tó o nílò, torí ẹni tí wọn kò bá dárúkọ ni kó o máa ṣọ́. Bàbá rẹ ni kó o kọ́kọ́ fi ìwé náà hàn, lẹ́yìn náà ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn náà màmá rẹ. Bí bàbá bá ti fọwọ́ sí i, àwọn méjì tó kù kò ní sọ pé ìwọ lo ṣe é. Ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí àyè àtúnṣe lè wà.

Má kọ orúkọ sórí àga. Tábìlì ni kó o pín fún agbo, kí olórí tábìlì pín àga fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Má sì kọ nọ́ńbà sórí tábìlì; bàbá tó bá bá ara rẹ̀ ní tábìlì 14 á béèrè àwọn 13 tó ṣáájú òun. Nígbà kan mo fi orúkọ ìlú sọ wọ́n: Òró, Ìgbàjà, Àjàṣẹ́, Ọ̀fà, mo rò pé mo gbọ́n. Mo wá fi bàbá kan láti Ọ̀fà sórí tábìlì Ẹ̀rìn-Ilé. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì láti ìgbà tó ti pẹ́, bàbá náà sì dúró gbagidi, ó ní òun kò ní jókòó. Láti ọjọ́ náà, orúkọ èso ni mo ń lò. Kò tíì sí ẹni tó bá àgbálùmọ̀ tàbí ìbẹ́pẹ jà.

Àwọn tó máa mú àlejò lọ síbi ìjókòó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí a háyà nìkan. Àwọn ọmọge aláṣọ dúdú yẹn lè ka ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ojú. Wá ẹni kan láti agboolé yín, ẹni kan láti ọ̀dọ̀ màmá rẹ, méjì láti Òmù-Àrán, kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wọn. Ẹni tó wá láti ọ̀dọ̀ màmá rẹ kò gbọ́dọ̀ mú àwọn ènìyàn ìyàwó bàbá rẹ lọ jókòó, ẹni ti agboolé ló máa ṣe ìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹnì kan tí ọkàn rẹ balẹ̀ sí dé họ́ọ̀lù kí àlejò kankan tó dé. Kó jókòó sórí àga màmá rẹ, kó wo ìjókòó ìyàwó. Kó tún lọ jókòó sórí àga ìyàwó bàbá rẹ, kó wò ó. Bí òpó tàbí òdòdó ńlá tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ bá dí ojú ọ̀kan tí kò dí ojú èkejì, kí wọ́n gbé òdòdó náà kúrò. Bó bá jẹ́ òpó ni, kí wọ́n yí gbogbo tábìlì mẹ́fà náà sún díẹ̀ lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú okùn kan náà.